Àṣírí, àìlábùkù, àrọ́wọ́tó: bí ìwé alájọ ṣe ń dáhùn ìbéèrè ìdánwò ààbò kọ̀ǹpútà

Irú ìbéèrè kan wà tí kì í sábà yẹ̀ nínú ìdánwò ààbò kọ̀ǹpútà ọdún kìíní. Wọ́n á ka ìṣẹ̀lẹ̀ kan sílẹ̀, wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ èyí tó bàjẹ́ nínú C, I àti A, kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì dá ọ̀nà ààbò kan tó bá a mu. Àwọn tó há ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pọ̀ jọjọ, síbẹ̀ máàkì ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìtumọ̀ ni wọ́n ń kọ, wọn kì í padà sínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà láti fi ọwọ́ kan ibi tó ti bàjẹ́.

C ni kọnfidẹ́nṣíálítì. Àṣírí la ó máa pè é níhìn-ín: kí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ má rí ọ̀rọ̀ náà. I ni intégírítì, a ó pè é ní àìlábùkù: kí àkọsílẹ̀ pé, kó jẹ́ òótọ́, kí ó má sì yí padà àfi láti ọwọ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ àti ní ọ̀nà tó tọ́. A ni afeílábílítì, ìyẹn àrọ́wọ́tó: kí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ rí i lò ní àkókò tó nílò rẹ̀. Lọ́dún 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder pín ìbàjẹ́ ààbò sí mẹ́ta: kí ọ̀rọ̀ jáde sí ẹni tí kò yẹ, kí ẹni tí kò yẹ yí i padà, kí wọ́n sì dí ẹni tó yẹ lọ́wọ́ láti lò ó. Ìpín yẹn ló wúlò jù fún olùdáhùn, torí pé ohun tó bàjẹ́ ni ìbéèrè ìdánwò máa ń ka sílẹ̀. Tí ẹ bá mọ irú ìbàjẹ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ ti mọ lẹ́tà tó kàn.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ "lẹ́tọ̀ọ́" wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn kọ sí etí ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn ni orúkọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ àti ohun tí ẹ̀tọ́ wọn dé. Láìsí ìyẹn, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ohunkóhun bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 15, ká sì bá a dé ìsàlẹ̀.

Alájọ kan ń gba ₦500 lójúmọ́ lọ́wọ́ ogójì oníṣòwò ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Inú fóònù rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó ní ojúlé 31, alájọ á sì fàmì sí ojúlé kan lọ́jọ́ tó bá dá owó. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni owó iṣẹ́ alájọ. (a) Ọmọ àbúrò alájọ yá fóònù náà láti pe èèyàn, ó ṣí ìwé àjọ, ó rí i pé ìyá oníṣu ti dá ₦10,500, ó sì lọ sọ fún ẹni tí ìyá náà jẹ ní gbèsè. (b) Nígbà tí ìyá oníṣu wá gba owó rẹ̀, fóònù ní ọjọ́ 21 ló dá, káàdì ọwọ́ rẹ̀ sì ní 22. (c) Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù já sínú garawa omi, ẹnikẹ́ni kò sì rí owó gbà fún ọjọ́ mẹ́ta. Sọ èyí tó bàjẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì dá ọ̀nà ààbò kan fún un.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́? Alájọ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí gbogbo rẹ̀, kó sì kọ sínú rẹ̀. Ìyá oníṣu lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ti ara rẹ̀ nìkan; kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ti aláta tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ àbúrò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi fóònù pe èèyàn, torí alájọ ló yá a. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ìwé àjọ.

Ní (a), àṣírí ló bàjẹ́. Owó ìyá oníṣu kò dín, nọ́ńbà kankan kò yí padà, alájọ sì lè ṣí ìwé rẹ̀ nígbàkigbà. Ohun tó mú kí irú ìbàjẹ́ yìí le nìyẹn: kì í fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ lára àkọsílẹ̀. Ìyá oníṣu lè má mọ̀ títí olówó á fi wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sì ti jáde kò ṣeé gbà padà bí a ṣe ń tún nọ́ńbà tó ṣì kọ. Nítorí náà, ọ̀nà ààbò tó bá àṣírí mu jù lọ ni èyí tó ń dí i kó tó ṣẹlẹ̀.

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù sí (a) ni pé "wọ́n háàkì fóònù náà, kí alájọ fi páásíwọ́ọ̀dù sí i." Ìdáhùn yìí ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, háàkì jẹ́ orúkọ ọ̀nà tí ènìyàn gbà wọlé, kì í ṣe orúkọ ohun tó bàjẹ́, a ò sì rí i nínú ìtàn náà rárá. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣeé ṣe kí fóònù náà ti ní páásíwọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀. Alájọ fúnra rẹ̀ ló ṣí i, kó tó nà án sí ọmọ àbúrò. Àgádágodo tí onílé ti ṣí kò lè dá àlejò dúró. Ohun tó bá ìdí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí mu ni àgádágodo kejì sórí ìwé àjọ gan-an, kí ó béèrè nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti fóònù, tàbí kí alájọ lo ààyè àlejò tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdírọ́ìdì, níbi tí ẹni tó yá fóònù kò ti ní rí fáìlì onífóònù. Ọ̀nà kẹta tí kò ná an ní kọ́bọ̀ ni kí ó fi nọ́ńbà káàdì dípò orúkọ nínú ìwé náà, kí orúkọ wà níbòmíràn. Bí ojú bá ti ẹ̀ kan ìwé, "káàdì 17, ₦10,500" kò ní tú àṣírí ẹnikẹ́ni fún ẹni tí kò mọ oníkáàdì 17.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá ń pe nọ́ńbà àṣírí káàdì ìgbowó rẹ̀ sókè níwájú píọ́ọ̀sì, tàbí nígbà tí wọ́n bá lẹ èsì ìdánwò mọ́ ògiri pẹ̀lú orúkọ àti máàkì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó sọnù, kò sí ohun tó yí padà, ṣùgbọ́n ojú tí kò yẹ ti rí i.

Ní (b), àìlábùkù ló bàjẹ́. Apá yìí la ó ti pẹ́ díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ 22 ní ₦500 jẹ́ ₦11,000. Tí a bá yọ ₦500 owó iṣẹ́, ìyá oníṣu á gba ₦10,500. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 21, ₦10,000 ni yóò gbà. ₦500 ni ìyàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "alájọ jí owó" ti kọjá ohun tí ìbéèrè sọ. Ìka alájọ lè ti yọ̀ lórí fóònù, ó lè ti gbàgbé láti tẹ ti ọjọ́ kan, ẹnìkan lè ti dá nọ́ńbà náà padà sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ káàdì ni wọ́n fàmì sí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Àìlábùkù bàjẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbáà jẹ́ àṣìṣe tàbí ọ̀tẹ̀. Ohun tó dájú ni pé àkọsílẹ̀ méjì tó yẹ kó bára mu kò bára mu, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, kì í ṣe òótọ́ mọ́.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ó bàjẹ́? Torí pé káàdì wà ni. Káàdì àjọ jẹ́ ẹ̀dà kejì lọ́wọ́ ẹni tí èrè rẹ̀ yàtọ̀ sí ti alájọ. Bí ẹ̀dà méjèèjì bá wà lọ́wọ́ alájọ, ẹni tó bá fẹ́ yí ọ̀kan padà á yí méjèèjì. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ni pé kí ẹni tó ń gba owó àti ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ yàtọ̀ síra nìyẹn. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ gbólóhùn yìí pẹ̀lú káàdì àti fóònù gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, olùmáàkì á rí i pé ó yé e.

Àmọ́ káàdì nìkan ń fi hàn pé nǹkan ti bàjẹ́, kò sọ ọjọ́ tó bàjẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 22, ta ló fẹ́ rántí? Ọ̀nà ààbò tó dára jù ni kí alájọ ka owó tó wà nínú àpò rẹ̀ lálaalẹ́, kó sì fi wé iye tí ìwé sọ. Bí gbogbo ogójì bá dá owó, ₦20,000 ló yẹ kó wà. Bí èèyàn 37 ló dá a lónìí, ₦18,500 ni. Bí ìwé bá ní 36, ìyẹn ₦18,000, tí owó ọwọ́ sì jẹ́ ₦18,500, ìyàtọ̀ ₦500 ti jáde lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí alájọ ṣì lè rántí ẹni tó rí. Kí ó má sì pa ohun tó ti kọ rẹ́. Kí ó kọ àtúnṣe sí ìlà tuntun pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí, kí ti tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé tí a lè pa rẹ́ láì fi àmì sílẹ̀ kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni.

Irú àyẹ̀wò yìí wà nínú ohun tí gbogbo wa ń lò. Nọ́ńbà àkáǹtì ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà jẹ́ díjíìtì mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà gan-an. Ìkẹwàá jẹ́ àyẹ̀wò. Láti rí i, a ó kọ kóòdù ilé ìfowópamọ́, tó jẹ́ díjíìtì mẹ́ta, síwájú mẹ́sàn-án náà, a ó sì fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ tẹ̀lé ara wọn títí dé òpin. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó mú díjíìtì ìkẹyìn nínú àròpọ̀ náà, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú 10 (bí ó bá jẹ́ 0, 0 náà ni àyẹ̀wò). Fún kóòdù 011 àti nọ́ńbà 000001457:

```
0×3 + 1×7 + 1×3 + 0×3 + 0×7 + 0×3
+ 0×3 + 0×7 + 1×3 + 4×3 + 5×7 + 7×3 = 81
81 mod 10 = 1
10 - 1 = 9
0000014579
```

Bí alájọ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, tí ó gbé 4 àti 5 síra, tí ó tẹ 0000015479, àròpọ̀ á di 77, àyẹ̀wò tó yẹ á jẹ́ 3, 9 tó tẹ̀ kò sì ní bá a mu. Ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé 1 àti 4 síra, tó tẹ 0000041579, àròpọ̀ ṣì jẹ́ 81, torí pé 3 ló ń sọ díjíìtì méjèèjì di púpọ̀. Àyẹ̀wò kò ní rí i. Ìdí nìyẹn tó fi pọn dandan láti ka orúkọ tó jáde lójú fóònù kí a tó fọwọ́ sí i: àyẹ̀wò kejì nìyẹn, ó sì ń mú ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé díjíìtì àyẹ̀wò ń dá olè dúró. Ìṣírò náà kì í ṣe àṣírí, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Onígbàjuẹ̀ tó fi nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ rọ́pò ti oníbàárà ti fi nọ́ńbà tó pé síbẹ̀, àyẹ̀wò á sì jẹ́ kó kọjá. Àṣìṣe ọwọ́ ló wà fún. Nínú ìdáhùn lórí àìlábùkù, ẹ máa sọ èyí tí ọ̀nà ààbò yín wà fún, àṣìṣe ni tàbí ìwà ọ̀tẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, àmọ́ ó máa ń ya ìdáhùn tó yéni sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n há sórí.

Ní (c), àrọ́wọ́tó ló bàjẹ́. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó wà, alájọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé wà, wọn kò sì rí ìwé lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Àkókò ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ yìí. Bí fóònù bá kú láago méjì òru, tí ó sì jí láago márùn-ún ìdájí, bóyá ni ẹnikẹ́ni á mọ̀. Bí ó bá kú láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, tí ìyá oníṣu fẹ́ fi owó yẹn ra ẹrù, ìbàjẹ́ ni. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń ṣèlérí pé ẹ̀rọ wọn á wà nílẹ̀ ní ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún, nítorí náà ìlérí náà ṣì fàyè gba nǹkan bíi wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 46 tí kò ní sí. Tí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń gba owó oṣù, ìlérí kò yẹ̀, ṣùgbọ́n ara á ti ni àwọn èèyàn.

Ẹ̀dà ni ọ̀nà ààbò rẹ̀. Ẹ sọ iye ìgbà tí wọ́n á máa ṣe é, torí pé ọjọ́ orí ẹ̀dà ni ìwọ̀n ohun tí a lè pàdánù. Bí alájọ bá ń da ìwé kọ sórí fóònù mìíràn lálaalẹ́, àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan, tí kò lè ju ₦20,000 lọ, ló lè bọ́ sọnù. Bí ó bá jẹ́ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, ọjọ́ méje ni. Ẹ sì ṣọ́ra fún fóònù méjì tó ń bá ara wọn mu lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnìkan bá pa ìlà kan rẹ́ lórí ọ̀kan, ó ti pa rẹ́ lórí ìkejì náà. Ìyẹn wúlò nígbà tí fóònù kan bá já sómi, kò wúlò nígbà tí ìwé bá yí padà. Ẹ̀dà alẹ́ àná tí ohunkóhun kò fọwọ́ kàn mọ́ ló ń gbani lọ́jọ́ yẹn. Kí alájọ sì máa ṣí ẹ̀dà náà wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣí.

Ẹ lè bi ara yín pé, ṣé kì í ṣe àìlábùkù náà ló bàjẹ́ nígbà tí ìwé bá omi lọ? Káàdì ogójì ṣì wà níta, alájọ sì lè fi wọ́n tún ìwé kọ. Ohun tó ṣeé ṣe kó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe nìyẹn. Ìbéèrè kò sọ pé nọ́ńbà kankan ṣì. Bí káàdì méjì bá sọnù, tí ìwé tuntun sì ní ènìyàn 38, ìwé náà kò pé mọ́, àìlábùkù á wọlé. Àyàfi kí ìbéèrè sọ bẹ́ẹ̀, ẹ dúró lórí àrọ́wọ́tó.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń da orí rú jù ni èyí tó fọwọ́ kan ju ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n bá jí fóònù tó wà ní títì, àrọ́wọ́tó ló lọ. Bí wọ́n bá jí i ní ṣíṣí, àṣírí bá a lọ. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa tó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣí i, ẹ kọ àrọ́wọ́tó ṣáájú, torí pé onífáìlì kò rí i lò. Ẹ fi àṣírí kún un bí ìbéèrè bá sọ pé wọ́n kó ẹ̀dà fáìlì lọ tàbí pé wọ́n ń halẹ̀ láti gbé e jáde. Àwọn olùkọ́ kan á gba àìlábùkù náà, torí pé wọ́n yí fáìlì padà láìgbàṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ṣáájú gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Ẹ má ṣe kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kí ọ̀kan lè bọ́ sí i. Olùmáàkì tó rí mẹ́ta láìsí ìdí mọ̀ pé ẹni náà ń ta ayò ni.

Bí a bá pín máàkì 15 náà sí márùn-ún márùn-ún, ìdáhùn tó tó fún (b) nìyí: "Àìlábùkù ló bàjẹ́. Ó túmọ̀ sí pé kí àkọsílẹ̀ pé, kó jẹ́ òótọ́, kó má sì yí padà láìtọ́. Fóònù sọ pé ọjọ́ 21, káàdì sọ pé 22, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe òótọ́, ₦500 sì ni ìyàtọ̀. Kí alájọ máa fi owó ọwọ́ wé àròpọ̀ ìwé lálaalẹ́. Èyí á jẹ́ kí àṣìṣe ìkọ̀wé hàn lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Kò ní mú alájọ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yọ owó àti ìlà pọ̀, káàdì oníbàárà ló ń mú ìyẹn." Orúkọ, ìtumọ̀, ẹ̀rí láti inú ìbéèrè, ọ̀nà ààbò, àti ibi tí agbára ọ̀nà náà mọ. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ láti kọ.

Nígbà mìíràn wọ́n á fi (d) sí i: sọ ọ̀nà ààbò kan tó ń ran ọ̀kan lọ́wọ́, tó sì ń pa òmíràn lára. Ẹ̀dà alẹ́ ti wà lọ́wọ́ yín. Fóònù kejì gbé àrọ́wọ́tó ró, ṣùgbọ́n ó di ibi kejì tí ọmọ àbúrò lè ti ka ìwé. Bí alájọ bá wá ti ẹ̀dà náà pa pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù, àṣírí padà bọ̀ sípò. Bí ó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù náà lọ́jọ́ tí fóònù àkọ́kọ́ já sómi, àrọ́wọ́tó tún lọ. Kí ó kọ páásíwọ́ọ̀dù sórí bébà, kó dì í sínú àpòòwé, kó lẹ ẹnu rẹ̀, kó sì fún ẹnìkan tí kò ní fóònù náà lọ́wọ́ láti tọ́jú. Ẹni tó ní àpòòwé kò ní ẹ̀dà, ẹni tó ní ẹ̀dà kò ní àpòòwé, bí ẹnikẹ́ni bá sì ya á, ojú ibi tó ti ya á hàn.